Agolo Tó Wú Nínú Fọ́tò

Bí oníṣòwò bá fi fọ́tò tòmátò alágolo ránṣẹ́ lórí Wọ́ọ̀sáàpù, fọ́tò náà lè dá agolo lẹ́bi, ṣùgbọ́n kò lè dá a láre. Bí orí tàbí ìdí rẹ̀ bá wú síta, kòkòrò àìfojúrí lè ti máa tú afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe ṣí i. Ẹnìkan á ní òun yóò kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, òun yóò sì tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n oró bọ́túlíọ́mù lè wà níbẹ̀ láìrùn rárá, ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ sì lè pani. Bí ara agolo bá tẹ̀ wọnú díẹ̀, kò burú; bó bá tẹ̀ lójú ìsopọ̀, ẹ kọ̀ ọ́. Ìpẹtà ni fọ́tò kì í fi hàn dáadáa: ẹ fi aṣọ nù ún nígbà tí agolo bá dọ́wọ́ yín, bó bá ti jẹ irin wọnú, ẹ dá a padà.