Ẹnu Kọ̀ọ̀kan Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì, Ohun Tirẹ̀ Lọ́tọ̀

Wọ́n ní kí àwa tí à ń tún ọkọ̀ ṣe wá bá yín sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a máa ń bu kún inú ọkọ̀, nítorí púpọ̀ nínú yín ló ń wa ọkọ̀ fúnra yín báyìí, àwọn mìíràn sì ní bọ́ọ̀sì tí dírẹ́bà ń bá wọn wà.

Kò sí ìyá kan níbí tí yóò da kẹrosíìnì sínú kẹ́ẹ̀gì òróró, bó ti wù kí àwọ̀ wọn jọra tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn àgbà ní ohun tó yẹ ní í yẹ ni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Ẹnu mẹ́ta la fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa lónìí: ti bíréèkì, ti rédíétọ̀, àti ti ẹ́ńjìnnì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bíréèkì, torí òun ló léwu jù. Ike kékeré kan ni, ó sábà máa ń wà lẹ́yìn pátápátá, níwájú ibi tí dírẹ́bà jókòó sí. Lára ìdérí rẹ̀, ẹ óò rí DOT 3 tàbí DOT 4. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni kí ẹ rà, kí ó sì jẹ́ ìgò tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí, nítorí ohun inú rẹ̀ máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Tí omi bá ti wọ̀ ọ́, yóò máa hó nígbà tí bíréèkì bá gbóná, ẹsẹ̀ bíréèkì yóò sì rọ̀ wọlé.

Gbogbo wa là ń pè é ní ọ́ìlì bíréèkì, orúkọ yẹn gan-an ló sì ń fa wàhálà, torí kì í ṣe ọ́ìlì rárá. Ẹ jẹ́ ká ní dírẹ́bà kan fẹ́ gbé ẹrù lọ sí Ẹ̀fọ̀n Alààyè láti Adó. Iná pupa tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí i pé ike bíréèkì ti lọ sísàlẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kù nínú búùtù rẹ̀. Ó rò pé ọ́ìlì ni ọ́ìlì ń jẹ́, ó sì dà á sí i. Iná kú. Ó lọ, ó bọ̀, nǹkan kan kò ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn rọ́bà tó wà nínú bíréèkì kò gba ọ́ìlì. Ńṣe ni wọ́n máa ń wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, táyà yóò máa gbóná, òórùn jíjó yóò máa jáde, ẹsẹ̀ bíréèkì kò ní padà sókè dáadáa mọ́. Nígbà tó bá yá, ó lè jẹ́ orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n ni yóò ti tẹ̀ ẹ́ tí kò ní dúró, pẹ̀lú àwọn èrò lẹ́yìn. Kì í ṣe ìgò kan ni àtúnṣe rẹ̀ o. Gbogbo rọ́bà láti orí máásítà dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a ó pààrọ̀, a ó sì fọ gbogbo páìpù rẹ̀.

Báwo lẹ ṣe lè mọ̀ pé ọ́ìlì ti wọ̀ ọ́? Ẹ fa díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ kán an sínú ife tó ní omi, kí ẹ rò ó pọ̀. Ohun tó jẹ́ ti bíréèkì lóòótọ́ yóò pò mọ́ omi. Ọ́ìlì yóò léfòó sókè bí epo lórí ọbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n dà á lẹ ti mọ̀, ẹ má ṣe tẹ bíréèkì, ẹ má sì ṣe wa ọkọ̀ náà. Ẹ pe mẹkáníìkì wá bá a níbi tó wà, torí bí wọn kò bá tíì tẹ bíréèkì, ó ṣeé ṣe kó má tíì kọjá inú ike.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí rẹ̀. Bíréèkì kì í mu nǹkan lásán. Bí ike bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó lè jẹ́ pé páàdì ti ń jẹ tán. Bó bá lọ sílẹ̀ lójijì, ó ń jò níbì kan. Ẹ má kàn bù ú kún, kí ẹ sì máa lọ. Bó bá sì kán sára ọkọ̀, ẹ yára fi omi fọ̀ ọ́, torí ó máa ń bó ọ̀dà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti rédíétọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ru ẹrù gun òkè, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bó ṣe gbóná tó lè sún mọ́ pupa. Ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ pa ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ o! Ìdérí yẹn ló dí omi gbígbóná mọ́nú pinpin. Bí ẹ bá ṣí i, omi náà yóò hó tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà sí ojú àti àyà. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, títí ẹ óò fi lè fi ọwọ́ di rọ́bà ńlá òkè rẹ̀ mú láìjóni. Ẹ fi aṣọ tó nípọn bo ìdérí, ẹ gbé ojú kúrò, ẹ yí i díẹ̀, kí atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde tán kí ẹ tó ṣí i pátápátá.

Bí ẹ kò bá ní kúláńtì lọ́wọ́, píọ́wọ́tà lè gbé yín délé, ṣùgbọ́n ẹ dà á díẹ̀díẹ̀. Omi tútù lójijì nínú irin gbígbóná lè mú kí irin náà sán. Tí ẹ bá délé, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fi kúláńtì sí i, torí omi kànga àti bohóòlù máa ń fi ìpẹtà àti èérí funfun sílẹ̀. Ike kúláńtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀ ní ìlà MIN àti MAX. Kó wà láàárín méjèèjì nígbà tí ọkọ̀ bá tutù.

Ẹnu kẹta ni ti ẹ́ńjìnnì, tí a máa ń ya àwòrán agolo ọ́ìlì sí lórí. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ pa á, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fa géèjì jáde, ẹ nù ún, ẹ tì í padà tán, ẹ tún fà á. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì méjèèjì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, bíi lítà kan ló wà láàárín àmì ìsàlẹ̀ àti ti òkè, nítorí náà, ẹ fi àrọ bu ìlàrin lítà kan sí i, ẹ dúró, ẹ tún wò. Bó bá pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì yóò máa lù ú di ìfófòó, ìfófòó kò sì lè gba irin sílẹ̀ lọ́wọ́ jíjẹra. Bí ọ́ìlì bá wá funfun bí ẹ̀kọ tí a fi mílíìkì sí, omi ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́.

Àwọn ẹnu yòókù, bíi ti sítíà àti gíà, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fi hàn yín nínú ọkọ̀ tiyín, torí wọn kò dọ́gba láti ọkọ̀ kan sí èkejì. Ẹ̀yin ẹ kàn máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní àárọ̀ kùtùkùtù kí ẹ tó ta ọkọ̀. Ìgò tí ẹ kò bá dá mọ̀, ẹ má da ohun inú rẹ̀ síbì kankan.