Ohun Tí Ásíìdì Ń Ṣe sí Kálísíọ̀mù Fúlọ́ráìdì

Bí ènìyàn bá da lúbúlúbú òkúta kálísíọ̀mù fúlọ́ráìdì, CaF₂, sínú lítà omi kan tó wà ní 25°C, tó sì rò ó títí, nǹkan bíi mílígíráàmù 16 péré ni yóò yòrò. Ìyókù á sùn sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi háídírókílóríìkì ásíìdì sí i títí pH rẹ̀ fi wálẹ̀ sí 2, tí a sì mú un dúró síbẹ̀, èyí tó yòrò á tó nǹkan bíi mílígíráàmù 100.

Kí ló fà á?

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi náà:

CaF₂ ⇌ Ca²⁺ + 2F⁻

Bí òkúta ṣe ń tú áyọ́ọ̀nù sínú omi, bẹ́ẹ̀ ni àwọn áyọ́ọ̀nù mìíràn ń padà lọ lẹ̀ mọ́ ọn. Ó dà bí ọjà tí iye àwọn tó ń wọlé àti iye àwọn tó ń jáde dọ́gba: èrò inú rẹ̀ kò pọ̀ sí i, kò sì dín kù, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ kò dá lẹ́nu ọ̀nà. Ní 1884, Le Chatelier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàlàyé pé bí nǹkan bá da irú ìdọ́gba báyìí rú, yóò sún sí apá tí yóò dín ìdàrúdàpọ̀ náà kù.

Fúlọ́ráìdì ni ásíìdì ń wá. H⁺ á gbá F⁻ mú, wọ́n á di HF, ásíìdì aláìlágbára tí kì í tètè tú H⁺ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí F⁻ bá ti dín kù, àwọn tó lè padà sórí òkúta kò tó mọ́, òkúta á sì máa tú síwájú títí ìdọ́gba tuntun yóò fi dé. Ní pH 2, kálísíọ̀mù inú omi á di bí ìlọ́po mẹ́fà, F⁻ tó dá dúró á sì lọ sílẹ̀ dé bí ìdá méjì nínú márùn-ún ti tẹ́lẹ̀. Ìlọ́po [Ca²⁺][F⁻]² kò yí padà rárá! Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà nìyẹn: wọ́n rò pé ásíìdì ló yí nọ́ńbà náà padà.

Ásíìdì díẹ̀ kò ní ṣe nǹkan kan. Ní pH 5, àfikún rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ó di ìgbà tó bá sún mọ́ pH 3 kí ó tó hàn dáadáa, torí pé nǹkan bíi pH 3.2 ni ìdajì F⁻ ti ń di HF.

Sílífà kílóráìdì, AgCl, ńkọ́? Náítíríìkì ásíìdì kò lè ràn án lọ́wọ́ báyìí, nítorí Cl⁻ kì í di H⁺ mú nínú omi.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó má ṣe lo ìgò o: HF ń jẹ gíláàsì, ó sì ń wọ awọ ara lọ dé egungun. Ike ni kí ó lò, níwájú olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ náà.