Oókan: Kọ́kọ́rọ́ Tí Gbogbo Ayé Mọ̀

(Ìlù dùndún fún ìgbà díẹ̀, kó rọlẹ̀ sábẹ́ ohùn.)

OLÓÒTÚ: Àdírẹ́sì bítíkọ́ìnì kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá fowó ránṣẹ́ síbẹ̀ ti dágbére fún owó náà. Owó náà kì í pẹ́ níbẹ̀ kí ẹlòmíì tó kó o lọ. Ẹni tó kó o kò fọ́lé, kò sì jí fóònù ẹnikẹ́ni. Gbogbo ayé ló mọ kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tó ni àdírẹ́sì yẹn. Nọ́ńbà ni kọ́kọ́rọ́ náà, oókan péré ni: ení tí ọmọdé fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì, ẹ̀ta.

Oókan yìí la ó máa tẹ̀ lé lálẹ́ òní, láti orí kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ dé orí kọ́kọ́rọ́ gbangba, títí dé orí àdírẹ́sì wọ́lẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ kò bá ní bítíkọ́ìnì rí, ẹ̀yin gan-an la ṣe ètò yìí fún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ohun kan ṣe. Bítíkọ́ìnì kì í gbé inú fóònù. Ìwé àkọsílẹ̀ kan ló wà, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí pé iye báyìí wà lábẹ́ àdírẹ́sì báyìí. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́lẹ́ẹ̀tì inú fóònù yín ń bá yín tọ́jú.

(Ìlù, kó dákẹ́.)

Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀, nọ́ńbà lásán sì ni. Ó lè jẹ́ nọ́ńbà èyíkéyìí láti orí oókan títí dé orí ọ̀kan tí díjíìtì rẹ̀ tó 78. Ẹ mú owó ẹyọ kan, ẹ jù ú sókè nígbà 256. Bó bá fi ojú kan balẹ̀, ẹ kọ oókan sílẹ̀; bó bá fi ojú kejì balẹ̀, ẹ kọ òdo. Ohun tí ẹ kọ yẹn ti di kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀. Ẹ kò gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ kò sì forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Ààbò tó wà lórí rẹ̀ kò ju pé àwọn nọ́ńbà tó wà nílẹ̀ pọ̀ débi pé kò sí bí ẹlòmíì ṣe lè ṣèèṣì mú irú tiyín. Ìdí nìyẹn tí oókan fi burú tó bẹ́ẹ̀. Òun ni ẹni tó bá ń méfò máa kọ́kọ́ dán wò.

Inú kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣírò kọ́kọ́rọ́ gbangba. Ìlà títẹ̀ kan wà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní secp256k1. Lórí ìlà náà, wọ́n ti fẹnu kò sí ojú kan tí gbogbo èèyàn máa ti gbéra, wọ́n sì sọ ọ́ ní G. Iye tí kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ yín bá jẹ́ ni iye ìgbà tí ẹ ó ka G mọ́ra lórí ìlà yẹn, ibi tí ẹ bá sì dé ni kọ́kọ́rọ́ gbangba yín. Ẹ wá wo oókan wa. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ka G, nítorí náà ojú G gan-an la wà, a kò kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ rèé:

```
0279be667ef9dcbbac55a06295ce870b07029bfcdb2dce28d959f2815b16f81798
```

(Ìsọfúnni fún olóòtú: má ka gbogbo rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ka mẹ́fà àkọ́kọ́, kó o sì sọ pé lẹ́tà àti nọ́ńbà 66 ni.)

Bí kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ bá jẹ́ eéjì dípò oókan, `02c6047f` ni kọ́kọ́rọ́ gbangba rẹ̀ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò rí i pé kò jọ ti àkọ́kọ́ rárá? Eéjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oókan, síbẹ̀ kò sí ohun tó fi ìbátan wọn hàn. Kọ̀ǹpútà tó lè ṣírò kọ́kọ́rọ́ gbangba ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò lè ti ibẹ̀ padà sórí kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀. Ẹ bó iṣu, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́, ó di èlùbọ́. Ẹ rò ó lórí iná, ó di àmàlà. Ta ló wá lè fi àmàlà inú abọ́ ṣe iṣu padà?

Àdírẹ́sì ló wà nípò àmàlà. Kọ̀ǹpútà á tún kọ́kọ́rọ́ gbangba lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lákọ̀ọ́kọ́ pẹ̀lú ìlànà tí wọ́n ń pè ní SHA-256, lẹ́yìn náà pẹ̀lú RIPEMD-160, á sì fi àmì àyẹ̀wò sí ìdí rẹ̀. Àdírẹ́sì tí oókan wa bí rèé:

```
bc1qw508d6qejxtdg4y5r3zarvary0c5xw7kv8f3t4
```

Mẹ́fà tó kẹ́yìn, `v8f3t4`, ni àmì àyẹ̀wò. Bí ẹ bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, iye rẹ̀ kò ní bá ìyókù mu mọ́, wọ́lẹ́ẹ̀tì á sì kọ̀ láti fi owó náà ránṣẹ́. Àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ mọ síbẹ̀. Ètò burúkú kan lè wà nínú kọ̀ǹpútà yín, tó máa fi àdírẹ́sì olè rọ́pò èyí tí ẹ dà kọ, àdírẹ́sì olè náà sì ní àmì àyẹ̀wò tirẹ̀ tó pé pérépéré. Ojú yín nìkan ló lè mú èyí, kó wo ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì.

(Ìlù díẹ̀.)

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ló dé tí a kò kúkú gba owó sí kọ́kọ́rọ́ gbangba? Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí Satoshi Nakamoto, ẹni tó dá bítíkọ́ìnì sílẹ̀, fi bítíkọ́ìnì 10 ránṣẹ́ sí onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Hal Finney ní oṣù Kìíní ọdún 2009, kọ́kọ́rọ́ gbangba ni wọ́n kọ ọ́ sí tààrà. Àdírẹ́sì kúrú jù ú lọ, ó ní àmì àyẹ̀wò, irú èyí tí a kà yìí sì ń fi kọ́kọ́rọ́ gbangba pa mọ́ títí dìgbà tí olówó bá fẹ́ ná owó rẹ̀.

Ọjọ́ ìnáwó yẹn ni iṣẹ́ kálukú máa ń hàn. Wọ́lẹ́ẹ̀tì á fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ buwọ́ lu ìsanwó náà, á wá gbé ìbuwọ́lùwé àti kọ́kọ́rọ́ gbangba jáde fún gbogbo ayé. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ní ẹ̀dà ìwé àkọsílẹ̀ á lọ kọ́kọ́rọ́ gbangba náà, wọ́n á wò ó bóyá àdírẹ́sì tó ni owó ló bí lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ gbangba yẹn yẹ ìbuwọ́lùwé wò. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ fúnra rẹ̀ kò jáde síta rárá. Ìsanwó kan ṣoṣo yẹn sì ni ìbuwọ́lùwé náà wà fún, ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe òmíràn kàn ń dara rẹ̀ láàmú ni.

Ẹni tó fẹ́ fowó ránṣẹ́ sí yín kò nílò ju àdírẹ́sì lọ. Bó bá ní kí ẹ ka ọ̀rọ̀ 12 tí wọ́lẹ́ẹ̀tì fún yín lọ́jọ́ tí ẹ ṣí i, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ 12 yẹn ni wọ́lẹ́ẹ̀tì ti ń ṣẹ̀dá gbogbo kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ yín.

Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ lè sọnù pẹ̀lú. Ní ìlú Newport, ní Wéèsì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Howells pàdánù háàdì díráìfù kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí ààtàn ìlú lọ́dún 2013. Ó sọ pé kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ bítíkọ́ìnì bí 8,000 wà nínú rẹ̀. Ó gbé ìjọba ìbílẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n lè jẹ́ kó gbẹ́ ààtàn náà, adájọ́ sì da ẹjọ́ náà nù lọ́dún 2025. Bítíkọ́ìnì kankan kò sí lábẹ́ ìdọ̀tí yẹn. Owó náà ṣì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí i. Ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ni nọ́ńbà tó lè buwọ́ lù ú.

(Ìlù dùndún, kó gòkè títí dé òpin.)