Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ìwé Ọmọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Àtúnyẹ̀wò Máàkì
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn òbí Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ ní kí n wá sọ ohun tí òbí lè ṣe bí èsì GCSE tàbí A-level ọmọ rẹ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ilẹ̀ England nìkan ni mo máa sọ̀rọ̀ lé, torí ìlànà Scotland yàtọ̀.

N kò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀, ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n. Àwọn àjọ onídàánwò bí AQA, Pearson àti OCR ló ń máàkì ìwé, Ofqual ló sì ń ṣọ́ wọn. Ohun mẹ́ta lẹ lè béèrè. Èkíní ni ẹ̀dà ìwé ìdáhùn ọmọ. Èkejì ni àyẹ̀wò ìṣirò, èyí tó ń wò ó bóyá gbogbo ojú ìwé ni wọ́n máàkì, bóyá wọ́n sì ro ó pọ̀ dáadáa. Ẹ̀kẹta ni àtúnyẹ̀wò máàkì. Níbẹ̀, olùmáàkì mìíràn máa ka ìdáhùn náà, á sì rí máàkì tí ẹni àkọ́kọ́ fún un. Àyẹ̀wò ìṣirò wà nínú èyí pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ ká wọnú ọ̀rọ̀.

Àríyànjiyàn tí kò tíì tán

Láti ọdún 2016 ni Ofqual ti là á sílẹ̀ pé ẹni tó ń ṣàtúnyẹ̀wò kò gbọdọ̀ yí máàkì padà àfi bó bá rí àṣìṣe. Àṣìṣe ni kí wọ́n fo ojú ìwé tàbí kí wọ́n ro máàkì kù. Àṣìṣe ni kí ìdáhùn bá ìlànà ìmáàkì mu kí wọ́n sì fi òdo sí i. Àṣìṣe náà ni kí wọ́n fún àròkọ ní máàkì tí olùmáàkì tó mọṣẹ́ kò lè rí ìdí fún. Ṣùgbọ́n bí ẹni àkọ́kọ́ bá fún àròkọ ní 17, tí ẹnì kejì ní 19 lòun ì bá fún un, tí máàkì méjèèjì sì bá ìlànà mu, 17 yẹn ló máa dúró.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kò gba èyí títí di òní, a sì ti jà á ní ìpàdé lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ní kí ẹlòmíì máàkì ìwé náà látìbẹ̀rẹ̀, kí ohun tó bá sọ dúró. Òwe tí wọ́n máa ń sọ lù mí ni pé agbẹ́jọ́ẹnìkandájọ́, àgbà òṣìkà ni. Wọ́n sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Nínú ìwádìí tí Ofqual fúnra rẹ̀ gbé jáde ní 2018, nínú Ìṣirò, gíréèdì ọmọ àti èyí tí ọ̀gá olùmáàkì ì bá fún un máa ń bára mu tó ìgbà 96 nínú 100. Nínú ìdánwò tó pa Èdè Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Lítíréṣọ̀, ó kàn lé díẹ̀ ní 50 ni. Wọ́n ní, ẹ ò rí i pé oríire lásán ni?

Mo gbà pé ìṣòro ńlá ni. Oògùn tí wọ́n mú wá ni n kò gbà. Nígbà tí mo ń máàkì ìwé ìdánwò nílé lọ́hùn-ún, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa la máa jókòó ti ẹ̀dà ìwé kan ṣoṣo. Ọ̀gá á ní kí kálukú pe máàkì tirẹ̀ sókè. Ẹnìkan á pe 11, ẹnìkan á pe 13, àwọn méjèèjì á sì fi ìka tọ́ka sí ìlà tí wọ́n gbé e kà nínú ìlànà. Ẹni tó pe 13 kò mọ̀wé ju ẹni tó pe 11 lọ. Bí ẹ bá gba ìwé lọ́wọ́ ọ̀kan fún èkejì, ẹ pààrọ̀ èrò ni, ẹ kò tún nǹkan kan ṣe. Ta ló sì máa béèrè? Ọmọ tí máàkì méjì péré dù ní gíréèdì ni, tí òbí rẹ̀ lówó àtisan. Ọmọ tó jókòó tì í, tí ìwé rẹ̀ rí bákan náà, á wà níbi tó wà. Òwe tí wọ́n ń sọ lù mí yẹn bá èyí náà wí, torí ẹjọ́ ọmọ kan ṣoṣo la gbọ́. Ìdí nìyí tí mo fi dúró ti òfin 2016.

Ká mú ọmọ kan

Ká ní ọmọbìnrin kan ṣe Ìtàn ní A-level, máàkì mẹ́rin ló sì fi pàdánù A. Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n sanwó àtúnyẹ̀wò kíá. Olùkọ́ rẹ̀ ní ká kọ́kọ́ gba ẹ̀dà ìwé. Ẹ̀dà dé. Àròkọ kan wà tí wọ́n fún ní 14 nínú 25, tí olùkọ́ rò pé 16 tọ́ sí. Àròkọ kejì gba 11. Ìdajì rẹ̀ wà lórí ìwé àfikún, kò sì sí àmì olùmáàkì kankan lórí ìwé àfikún náà. Lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń máàkì báyìí, wọ́n lè pín ìbéèrè kọ̀ọ̀kan fún olùmáàkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà ìwé àfikún lè bọ́ mọ́ ẹni tó ń kà á lójú.

Olùṣàtúnyẹ̀wò ka ìwé àfikún, 11 di 16. Ó fi 14 sílẹ̀ bó ṣe wà, torí ó bá ìlànà mu. Nínú ìdáhùn mìíràn, ó rí i pé wọ́n ti fi máàkì kan lé e ju bó ṣe yẹ lọ, ó yọ ọ́. Márùn-ún wọlé, ọ̀kan jáde, ọmọ bọ́ sí A gẹ́lẹ́. Ká ní èrò olùkọ́ lórí 14 nìkan ni wọ́n gbé dání, owó ì bá ti wọgbó. Ká sì ní kò sí ìwé àfikún rárá, máàkì tí wọ́n yọ yẹn nìkan ni wọn ì bá gbé wálé.

Àwọn òbí wa

Máàkì lè wálẹ̀, gíréèdì sì lè wálẹ̀ tẹ̀lé e. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ní kíkọ, lẹ́yìn tí èsì bá ti jáde. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ máa ń sọ pé èmi ni mo bí i, èmi ni mo máa fọwọ́ sí i, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ariwo pàdé akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ èsì. Ilé ẹ̀kọ́ ló ń fi ìbéèrè ránṣẹ́, òbí kò lè kọ̀wé sí àjọ onídàánwò fúnra rẹ̀, ọmọ tó dá ṣe ìdánwò, tí kò sí lábẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kankan, nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá kọ̀, ẹ béèrè ìlànà ìpẹ̀jọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ní in.

Àkókò

Alága ti ń wojú mi, ẹ jẹ́ kí n yára. Bí ipò ní yunifásítì bá rọ̀ mọ́ èsì A-level, àtúnyẹ̀wò kíákíá lẹ máa béèrè, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan péré ló sì máa ń ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn tí èsì bá jáde. Ọjọ́ 15 ni wọ́n fi ń dáhùn rẹ̀. Èyí tí kì í ṣe kíákíá ń gba 20, ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì ń tì ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Ẹ sọ fún yunifásítì lọ́jọ́ náà gan-an pé ẹ ti béèrè. Bí gíréèdì bá yí padà, owó yín á padà wá.

Ìpẹ̀jọ́

Bí èsì àtúnyẹ̀wò kò bá tọ́, ilé ẹ̀kọ́ lè pẹ̀jọ́ sí àjọ onídàánwò láàárín ọjọ́ 30, lẹ́yìn náà sí Ofqual. Ofqual kì í máàkì ìwé. Ó kàn ń wò ó bóyá wọ́n tẹ̀lé ìlànà ni. Ní yunifásítì, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: òfin ọdún 2004 kò jẹ́ kí àjọ olùgbẹ́jọ́ akẹ́kọ̀ọ́ dá sí ìdájọ́ ìmọ̀ rárá. Àṣìṣe nínú ètò nìkan lẹ lè gbé lọ síbẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ kọ ojú ìwé, nọ́ńbà ìbéèrè àti àṣìṣe tó rí sílẹ̀. Bí kò bá rí ọ̀kankan tó lè kọ, ẹ fi èsì náà sílẹ̀ bó ṣe wà.