Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú, ní Igbó-Ọrà)

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí a wá bá yín sọ ni ti ẹni tí oníbàárà rẹ̀ pàtàkì fi í sílẹ̀ lójijì, tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó tí ń wọlé fún un sì pòórá láàárín òru ọjọ́ kan. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ sí àwa fúnra wa, nítorí náà ohun tí ojú wa rí ni a ó sọ.

Ẹ ó rántí pé ní ọdún 2005, nígbà ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé nínú ìwọ̀n 100 ìyẹ̀fun tí a ó fi ṣe búrẹ́dì, kí 10 jẹ́ ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń lọ àlìkámà bẹ̀rẹ̀ sí wá ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kiri. Àwa olùkọ́ mẹ́fà kó owó jọ, a yá díẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, a ra ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ àti jáákì tí a fi ń fún un, a sì pe àwọn ìyá tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ kan, tí a kò ní dárúkọ, ni ó ń ra ìyẹ̀fun wa. Bí 100 náírà bá wọlé fún wa, 80 nínú rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ yìí wá. Ìdùnnú ni èyí jẹ́ fún wa nígbà náà. A kò mọ̀ pé ẹni tí ó ní oníbàárà bẹ́ẹ̀ kò ní òwò. Iṣẹ́ oṣù ni ó ń ṣe láìní ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́.

Ìjọba yí padà ní ọdún 2007, ọwọ́ tí ó di òfin náà mú sì dẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìwé kan ṣoṣo dé: kí a má ṣe kó ìyẹ̀fun wá mọ́. Nǹkan bí 40 àpò wà nílẹ̀, ẹ̀gẹ́ wà lóko àwọn àgbẹ̀ tí a ti bá dá àdéhùn, gbèsè sì wà lọ́rùn wa.

Ohun èkíní tí a ṣe ní alẹ́ ọjọ́ náà ni pé a mú ìwé kan, a sì pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí a jẹ ní gbèsè, ohun tí àwọn ènìyàn jẹ wá, àti ohun tí ó wà lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi ojú kéré ìwé yìí. Oníbàárà tí ó ń lọ sábà máa ń jẹ ènìyàn ní gbèsè, ilé-iṣẹ́ yìí sì jẹ wá ní owó ẹrù ẹ̀ẹ̀mejì. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni méjì nínú wa kó ìwé tí akọ̀wé wọn fi ọwọ́ sí nígbà tí ó gba ẹrù, tí wọ́n sì lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn. Bí a bá dúró di oṣù mẹ́ta, akọ̀wé náà lè ti kúrò níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì gba ipò rẹ̀ yóò sọ pé òun kò mọ̀ wá rí. Ẹrù kan ni a ní ìwé rẹ̀ pé pérépéré, wọ́n sì san owó rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ti èkejì, a kò gba ìwé nígbà tí a kó o lọ, a kò sì rí kọ́bọ̀ gbà nínú rẹ̀ di òní.

Ní ti gbèsè tiwa, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti wú ẹ̀gẹ́ wọn fún wa ni a kọ́kọ́ san fún, nítorí pé ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kò lè padà sínú ilẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni a lọ bá lẹ́yìn náà, kí ọjọ́ sísan tó pé. A fi ìwé náà hàn wọ́n, a sì bẹ̀ pé kí wọ́n fa ọjọ́ gùn. Wọ́n gbà. Ẹni tí ó lọ kí ọjọ́ tó pé ń lọ dá àdéhùn ni; ẹni tí ó lọ lẹ́yìn tí ọjọ́ ti kọjá ń lọ tọrọ àforíjì.

Ohun kejì ni pé a ránṣẹ́ sí oko pé kí wọ́n má wú ẹ̀gẹ́ mọ́. Ẹ̀gẹ́ tí a wú kì í pẹ́ kọjá ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí iṣan dúdú tó hàn nínú rẹ̀ bí a bá dá a sí méjì, nígbà náà ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà nínú ilẹ̀, bí ó bá ti pé ọdún kan, ó lè tún dúró fún oṣù mélòó kan. Ilẹ̀ ni àká rẹ̀. Síbẹ̀ ìdúró náà ní òpin: bí ó bá pẹ́ jù, yóò di onígi, bí òjò bá sì tún bẹ̀rẹ̀ tí ó ń rú ewé titun, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ yóò dínkù. Màlúù sì lè wọ oko, tàbí kí onílẹ̀ béèrè ilẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà oṣù mẹ́fà ni a fún ara wa láti wá ọ̀nà mìíràn.

Ohun kẹta ni pé a bi ara wa ní ìbéèrè pé: kí ni ó lé oníbàárà náà lọ? Bí ó bá jẹ́ pé ọjà wa ni kò dára, ẹlòmíràn tí a bá tà á fún yóò rí àbùkù kan náà. Àwọn ìyá aláró Abẹ́òkúta, aládùúgbò wa, rí irú èyí. Àwọn oníṣòwò máa ń ti Sẹ̀nẹ̀gà wá ra àdìrẹ wọn lọ́pọ̀lọpọ̀ ní àwọn ọdún 1920. Nígbà tí ọ̀dá owó bo gbogbo ayé, ọjà náà ṣubú, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń sọ pé aró òyìnbó àti sódà ń ba aṣọ jẹ́. Ní àárín àwọn ọdún 1930, Aláké Adémọ́lá Kejì ka àwọn èròjà wọ̀nyí léèwọ̀, àwọn aláró kò gbà, ọ̀ràn náà sì di ti ìgbìmọ̀ ìwádìí ní ọdún 1936. Ẹ wo bí ó ti ṣòro tó láti mọ èwo ni ó lé oníbàárà lọ, owó tí kò sí ni tàbí aró tí kò dára.

Ní ti àwa, òfin ni ó yẹ̀, kì í ṣe ìyẹ̀fun. Èyí túmọ̀ sí pé gbogbo àwọn tí ń ṣe irú ìyẹ̀fun yìí ni wọ́n pàdánù oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn yóò sì sáré lọ bá àwọn díẹ̀ tí ó kù. A rí i pé kò sí èrè nínú bíbá wọn sá eré náà. Àpò 40 tí ó wà nílẹ̀ ni a tà lọ́nà bẹ́ẹ̀, díẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe ṣinṣín, èyí tí ó pọ̀ jù fún àwọn tí ń fi í po àtè tí a fi ń lẹ pákó. Owó rẹ̀ kò tó iye tí ó ná wa, ṣùgbọ́n bí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, kò ní mú ohunkóhun wá.

Nígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa sọ̀rọ̀ tí ó gbà wá. Ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà, ṣé ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ìyẹ̀fun kò lè rin ti gàrí ni?” Ojú tì wá. Ìyẹ̀fun búrẹ́dì kò gbọdọ̀ kan. Ọjọ́ tí a bá wú ẹ̀gẹ́ náà ni a ó bó o, tí a ó rin ín, tí a ó fún un, tí a ó sì sá a. Ti gàrí kò jù báyìí lọ: lẹ́yìn rírìn, kí ó wà nínú àpò fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó kan, kí a fún omi rẹ̀ jáde, kí a fi ajọ̀ kù ú, kí a sì dín in. Ẹ̀rọ kan náà ni, jáákì kan náà ni, ẹ̀gẹ́ kan náà ni. Agbada àti ààrò nìkan ni ó kù. Ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́rin sí márùn-ún ń mú gàrí bí tọ́ọ̀nù kan jáde, èyí kò sì jìnnà sí ti ìyẹ̀fun.

A ṣe àṣìṣe méjì. Èkíní, nítorí ìkánjú, a kò jẹ́ kí gàrí àkọ́kọ́ gbẹ dáadáa kí a tó dì í sínú àpò, ìdajì rẹ̀ sì bu. Láti ìgbà náà, a máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan, a ó fún un, a ó sì ṣí ọwọ́: bí ó bá dì pọ̀, ó di inú agbada, bí ó bá tú ká tí ó ń dún ṣàràṣàrà, ó gbẹ. Èkejì ni àwìn. Nítorí pé a fẹ́ rí oníbàárà kíákíá, a gbé ọjà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá rẹ́rìn-ín sí wa ní Bódìjà, ó sì di pé a tún ń sin gbèsè kiri. A wá ṣe é ní òfin pé ẹni tí kò bá tí ì san owó àpò àná kò ní gba ti òní.

Bí owó ti ń padà nìyí. Nínú 100 náírà àtijọ́, 20 ni ó kù ní oṣù kìíní. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹta, ó tó 45. Ní oṣù kẹfà, ó tó 70. Ọdún kan àbọ̀ ni ó tó padà sí 100, kò sì ti ọwọ́ ẹnì kan wá mọ́. Ọjà Igbó-Ọrà àti ti Èrúwà ń mú díẹ̀ wá, àwọn aláràtúntà ní Ìbàdàn ń mú díẹ̀ wá, ilé-ìwé kan ń ra fún oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀, láfún sì ń mú tirẹ̀ wá. A kò gbọdọ̀ parọ́: wàhálà rẹ̀ pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Owó mọ́tò pọ̀, ìdúnàádúrà pọ̀, a sì ń gbọ́ ẹjọ́ ènìyàn mẹ́wàá dípò ẹyọ kan. Iye tí ènìyàn ń san kí ó lè sùn ni a kà á sí. Òfin wa nísinsìnyí ni pé kò sí oníbàárà tí yóò gbà ju 30 lọ nínú 100, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ dùn tó. Ní ọdún 2012, nígbà tí ìjọba tún gbé ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ dìde, àwọn kan wá bá wa. A ta ìwọ̀nba fún wọn, a kò sì pa ààrò gàrí.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó wà ní Ìbàràpá níbí tí 80 náírà nínú gbogbo 100 tí ń wọ̀ ọ́ ń ti ọ̀dọ̀ yín wá. Ẹ̀yin ni oníbàárà pàtàkì ilé náà. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín lọ́hùn-ún, ìwé tí ó dé bá wa ní ọdún 2008 ni yóò dé bá bàbá yín. Ẹ jókòó tì í nígbà tí ẹ wà nílé yìí, kí ẹ jọ mú ìwé kan, kí ẹ sì kọ ibi tí náírà kọ̀ọ̀kan ti ń wọlé. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹ rí, ẹ béèrè ohun tí ó wà nínú ilé náà tí a kò tí ì lò: ilẹ̀ ni, ẹ̀rọ ni, tàbí ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Lára ẹ̀rọ àtijọ́ ni àwa ti rí ọ̀nà tiwa.