Bí A Ṣe Ń Sọ Ọ̀rọ̀ Ogún fún Iyèkan àti Ọbàkan Nígbà Tí Omijé Kò Tíì Gbẹ

 

Ẹ kò ní kí n wá kọ́ yín bí a ti ń pín ogún. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ èyí jù mí lọ. Ohun tí ẹ ní kí n sọ ni bí dáwódù ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ ogún dé iwájú àwọn àbúrò rẹ̀ nígbà tí gbogbo ilé ṣì wà nínú ọ̀fọ̀. Àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí bàbá wa papòdà, ọmọ márùn-ún ni ó fi sílẹ̀. Mẹ́ta ni ìyá mi bí, èmi sì ni àkọ́bí. Méjì ni ìyàwó kejì bí. Bàbá fi ilé kan sílẹ̀ láàrin ìlú, tí ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin wà níwájú rẹ̀ tí àwọn ayálégbé ń sanwó lé lórí. Ó tún fi oko kòkó kan sílẹ̀, àti owó díẹ̀ ní báńkì. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé bàbá ti fi ìwé ilé náà dúró fún owó tí ó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan, àti pé ₦360,000 ṣì kù láti san.

Ní ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àlejò kún àgbàlá, àbúrò bàbá wa bi mí pé, "Níbo ni ìwé ilé wà?" Mo dáhùn lójú gbogbo ènìyàn pé ìwé kò sí nílé, pé gbèsè wà lórí rẹ̀. Òtítọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n ọbàkan mi, ọkùnrin tí ó jẹ́ àkọ́bí ìyàwó kejì, dìde, ó wọlé, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ fún oṣù méje. Ohun tó dùn ún kì í ṣe pé bàbá jẹ gbèsè. Ohun tó dùn ún ni pé ẹ̀gbọ́n òun ti mọ̀ tipẹ́, ó sì fi í pamọ́ fún òun títí ó fi di ọ̀rọ̀ ojú agbo.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọ̀rọ̀ mi kò burú. Ìgbà tí mo sọ ọ́ àti ibi tí mo ti sọ ọ́ ni ó sọ ọ́ di ọfà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń pín ọ̀rọ̀ ogún sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan wà tí kò lè dúró, nítorí pé nǹkan yóò bàjẹ́ tàbí yóò sọnù bí a kò bá tètè sọ wọ́n. Àwọn kan sì wà tí ó gbọ́dọ̀ dúró, nítorí pé ìpinnu ni wọ́n, ẹni tí ń sunkún kì í sì í ṣe ìpinnu tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn bí ojú rẹ̀ bá gbẹ.

Àwọn tí kò lè dúró kò pọ̀. Ta ni kọ́kọ́rọ́ yàrá bàbá wà lọ́wọ́ rẹ̀? Níbo ni àwọn ìwé wà? Ta ni yóò máa gba owó lọ́wọ́ ayálégbé, níbo ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ sí? Gbèsè wo ni ó wà nílẹ̀? Ẹ̀karùn-ún ni ọ̀rọ̀ báńkì. Ẹni tí káàdì báńkì olóògbé wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi gba owó mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìnáwó ìsìnkú ni ó fẹ́ fi ṣe. Títọwọ́ bọ ohun-ìní olóògbé láìgbàṣẹ ni òfin kà á sí, àwọn àbúrò yóò sì pè é ní olè. Báńkì kì í gbé owó náà fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ẹni tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga bá fún ní ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun-ìní olóògbé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìwé àṣẹ yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń tọrọ rẹ̀ yóò mú ìwé-ẹ̀rí ikú lọ, yóò kọ gbogbo ohun tí olóògbé fi sílẹ̀, yóò sì wá onídùúró. Lẹ́yìn èyí ni a óò kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí ẹni tí ó bá ní àtakò lè wí. Ẹ wò ó bí yóò ti rí lára àbúrò tí ó kọ́kọ́ rí orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un tẹ́lẹ̀. Àtakò ni yóò kọ́kọ́ ronú kàn. Nítorí náà, ẹ má ṣe mú ìwé kankan lọ sí kóòtù kí gbogbo àbúrò tó gbọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kéré tán ẹnì kan láti ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan wà lára àwọn tí yóò tọrọ rẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń sọ ọ́? Ẹ má ṣe sọ fún iyèkan yín lónìí kí ẹ wá sọ fún ọbàkan ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọjọ́ kan náà ni kí gbogbo wọn gbọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ lọ bá olúkúlùkù nínú yàrá rẹ̀, kì í ṣe lójú àlejò. Bí ẹnì kan bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ pè é kí ó gbọ́ ohùn yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bá a pàdé nínú Wáàsáàpù ẹbí. Ẹ kọ́kọ́ jókòó, ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ bàbá fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wí báyìí:

"Àbúrò mi, mo mọ̀ pé ọkàn rẹ kò tíì balẹ̀, tèmi náà kò balẹ̀. Ohun méjì péré ni mo fẹ́ kí o mọ̀ lónìí. Ìwé ilé wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí bàbá yá owó lọ́wọ́ wọn. Ìwé ìṣirò wọn rèé, wò ó fúnra rẹ. Owó ṣọ́ọ̀bù yóò máa wọ inú àpò kan, ìwọ àti èmi ni yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. A kò ní í pín ohunkóhun lónìí. Bí ogójì ọjọ́ bá kọjá, gbogbo wa ni yóò jókòó."

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ náà kúrú, ìwé wà lọ́wọ́ ẹni tí ń sọ ọ́, ó sì dá ọjọ́. Ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ máa ń gbàgbé ohun tí a sọ fún un. Bí ó bá tún béèrè ní ọjọ́ kẹta, ẹ tún un sọ láìbínú.

Ìgbà tí ogójì ọjọ́ bá kọjá ni ọ̀rọ̀ ìpín kàn. Ẹ sọ ọ̀nà tí a óò tọ̀ kí ẹ tó dárúkọ owó. Ọ̀nà méjì ni àṣà wa mọ̀: ìdí-igi, tí a ń pín in ní iye ìyàwó tí ó bímọ; àti orí-òjorí, tí a ń pín in ní iye ọmọ. Nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọ́lé, ti ìdílé Èkó kan tí bàbá wọn fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ nígbà náà, tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, fi ọwọ́ sí i ní 1962 pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, àti pé olórí ẹbí lè lo orí-òjorí níbi tí ìjà bá wà lórí ìpín. Ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin dọ́gba nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a fi tiwa ṣírò rẹ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kìíní jẹ́ ₦600,000. Gbèsè ni a kọ́kọ́ ń san, nítorí náà ₦360,000 lọ, ₦240,000 sì kù. Ní ìdí-igi, ₦120,000 kan ìdí kọ̀ọ̀kan: àwa mẹ́ta gba ₦40,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, àwọn méjì gba ₦60,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ní orí-òjorí, olúkúlùkù ìbá gba ₦48,000. Ẹ rí i pé ẹni tí ìdí-igi ṣe ní oore kọ́ ni orí-òjorí ṣe ní oore. Bí dáwódù bá dárúkọ owó kí ó tó dárúkọ ọ̀nà, àwọn àbúrò yóò rò pé owó ni ó kọ́kọ́ wò kí ó tó yan ọ̀nà. Ilé fúnra rẹ̀ kò ṣeé là sí méjì. Ilé ẹbí ni, kò sì sí ẹni tí ó lè dá a tà láìsí ohùn olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdí kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má gbàgbé opó. Nípa àṣà, kì í bá àwọn ọmọ pín ogún ọkọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ń gba ti ìdí rẹ̀. Nítorí náà ẹ̀rù máa ń bà á ju gbogbo yín lọ. Kí ẹ tó sọ ohunkóhun nípa ilé, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé, "Màmá, ẹnikẹ́ni kò ní í lé yín kúrò nínú yàrá yín."

Ààlà kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Bí olóògbé bá kọ ìwé ìhágún, ẹ bi lọ́yà kí ẹ tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá sì ṣe ìgbéyàwó kóòtù, òfin ìpínlẹ̀ lè gba ogún náà lọ́wọ́ ìdí-igi, kí opó pàápàá ní ìpín tirẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́? Bí àbúrò bá ń dáhùn gbogbo nǹkan pé "kò burú," tí kò béèrè ohunkóhun, ẹ kíyè sí i. Bí ó bá rán ẹlòmíràn wá béèrè kọ́kọ́rọ́, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ẹ má ṣe rán ìdáhùn padà. Ẹ dìde lọ bá a.

Bí mo ti ṣe nìyẹn ní oṣù keje. Mo mú ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ ọbàkan mi, mo ní, "Èmi ni mo jẹ̀bi. Ó yẹ kí o ti gbọ́ lẹ́nu mi kí àlejò tó gbọ́." Kò dáhùn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó ku owó ìkẹyìn, ó pè mí pé kí a jọ lọ. Òun ni ó ka owó náà sílẹ̀, òun ni wọ́n sì gbé ìwé ilé lé lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà títí di òní, n kò sì béèrè rẹ̀ rí.