Jyutping Kì í Ṣe Pinyin: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni tó Fẹ́ Kọ́ Èdè Kantoníìsì



Ẹni tó bá ti kọ́ Mandaríìnì díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ Kantoníìsì máa ń rò pé ìwé kíkà ti rọ̀ fún òun. Lẹ́tà tó mọ̀ nínú Pinyin ló tún rí nínú Jyutping, ó sì ń pè wọ́n bó ti ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń ṣìnà. Ọdún 1958 ni ìjọba Ṣáínà fọwọ́ sí Pinyin, Mandaríìnì ni wọ́n sì ṣe é fún. Jyutping dé lọ́dún 1993 láti ọwọ́ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Họng Kọng, ìró Kantoníìsì ni wọ́n sì gbé síwájú nígbà tí wọ́n ń pín lẹ́tà. Lẹ́tà kan náà wá ń dúró fún ìró ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ wo j. Nínú Pinyin, ó sún mọ́ j tiwa. Nínú Jyutping, y tiwa ni. Ẹ wo si náà. Nínú Pinyin, ahọ́n kì í kúrò lẹ́bàá eyín, i tó wà níbẹ̀ kì í sì í ṣe i tí a mọ̀. Nínú Jyutping, i tí a mọ̀ gan-an ni. Àwọn wọ̀nyí kò ṣòro, wọn kì í gba ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ.

Èyí tó ń ṣòro ni a àti aa. Nínú Kantoníìsì, gai1 ni adìyẹ, gaai1 sì ni òpópónà. Fáwẹ̀lì ti adìyẹ kúrú, ẹnu kì í sì í là tán. Ti òpópónà gùn, ẹnu sì là dáadáa. Pinyin náà ní gai, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ sún mọ́ gaai ju gai ti Kantoníìsì lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé e wá láti Mandaríìnì yóò dúró níwájú aládìyẹ, yóò sì máa béèrè òpópónà. Kọ́ńsónáǹtì rẹ̀ tọ́, ohùn rẹ̀ tọ́, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn ló sọ. Bákan náà ni sam1, ọkàn, àti saam1, ẹ̀ta. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti já a, ẹ di ojú, kí ẹlẹ́nu Kantoníìsì kan máa pe ọ̀kan nínú méjèèjì, kí ẹ̀yin máa sọ èyí tó pè. Bí ẹ bá ń ṣì í, ẹ má tíì kàwé rárá. Ẹ padà sórí gbígbọ́.

Ní ti ohùn, Pinyin ń fi àmì mẹ́rin sórí fáwẹ̀lì, Jyutping sì ń fi nọ́ńbà 1 dé 6 sẹ́yìn sílébù: si1 ewì, si2 ìtàn, si3 dídánwò, si4 àkókò, si5 ọjà, si6 ọ̀ràn. Ohùn 1, 3 àti 6 dúró gbọọrọ ní òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, etí Yorùbá kò sì ní ṣàjèjì sí wọn. Ewu wà nínú 4. Ohùn kẹrin Mandaríìnì ń já láti òkè wálẹ̀. Ti Kantoníìsì ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì tún ń rì. Ẹni tó bá gbé ti Mandaríìnì wá, etí ará Guangzhou lè gbà á sí ohùn 1. Ẹ má sì fo nọ́ńbà nígbà tí ẹ bá ń kọ àkọsílẹ̀: maai5 ni rà, maai6 ni tà.

Àwa Yorùbá ní ìṣòro tiwa, tí Pinyin kò fà. p Jyutping kì í ṣe p tiwa. Bí p, t tàbí k bá parí sílébù, bíi sap1, omi ti rin nǹkan, àti sat1, sísọnù, ẹnu á pa dé láìtú afẹ́fẹ́ jáde. Tí ẹ bá fi i tàbí u kún un, ó ti bàjẹ́. Bí n bá sì parí sílébù, ẹ fi ahọ́n kan òkè ẹnu. Ẹ má sọ fáwẹ̀lì di àránmúpè.

Ẹ tún mọ̀ pé wọn kì í sábà kọ́ ọmọ Họng Kọng ní Jyutping nílé-ìwé, bí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ Ṣáínà ní Pinyin. Pátákó ojú títì kì í lò ó: Tsim Sha Tsui ni wọ́n kọ, zim1 saa1 zeoi2 ni Jyutping rẹ̀. Ẹ má bi ará ibẹ̀ bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ ní Jyutping. Ẹ ní kó pè é, kí ẹ̀yin kọ ọ́, kí ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé atúmọ̀. Bó bá pe nei5, ìwọ, bíi lei5, kò ṣì í. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nei5 ni kí ẹ kọ.

Mo bẹ̀ yín, ìwé Kantoníìsì tó bá kọ ọ̀rọ̀ láìfi ohùn hàn, ẹ má rà á.